Bí Ẹ Ṣe Lè Túmọ̀ Ìwé Àyẹ̀wò, Sitéétímẹ́ǹtì Báńkì àti Ìwé Ìdánimọ̀ Láìfi Àṣírí Yín Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń gbé ìwé wá sọ́dọ̀ mi ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, máa ń bi mí: "Ṣé mi ò kàn lè ya fọ́tò rẹ̀, kí n jù ú sínú áàpù tó ń túmọ̀ èdè?" Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù yín kò sì ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ wo ìwé ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ bi ara yín pé ọ̀rọ̀ wo gan-an lórí rẹ̀ ni ẹ fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ yín kò ní ìtumọ̀ ní èdè Faransé. Nọ́ńbà àkáǹtì kò ní ìtumọ̀. Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì ilé ní Adátán tàbí Ìta Ẹ̀kọ, kò sí èyí tó nílò ògbufọ̀ nínú wọn. Ohun tó nílò ìtumọ̀ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ìlà mélòó kan lọ. Àwọn tí kò nílò rẹ̀ rárá ló sì lè kó yín sí wàhálà. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

## Ibi tí fọ́tò náà ń dé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fọ́tò kan ṣoṣo ni àwọn fi ránṣẹ́, ibì kan ṣoṣo ló sì dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ya ìwé pẹ̀lú fóònù, ẹ̀dà kan wà nínú fóònù, òmíràn sì lè ti gòkè lọ sínú Google Photos kí ẹ tó gbé ìwé náà kúrò lórí tábìlì, nítorí pé fóònù púpọ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni áàpù. Bí ẹ bá sì fi ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lórí WhatsApp, ẹ̀dà kan wà nínú fóònù tirẹ̀, òmíràn wà nínú kọ̀ǹpútà tó fi tẹ̀ ẹ́, òun náà sì lè gbé e lọ sórí wẹ́ẹ̀bù ọ̀fẹ́ kan tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Èmi fúnra mi ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, níbi tí mo ti fẹ́ tẹ ìwé kan péré. Mo ṣí Downloads láti wá fáìlì mi, mo sì bá pásípọ́ọ̀tù ẹni mẹ́ta, sitéétímẹ́ǹtì báńkì obìnrin kan àti ìwé àyẹ̀wò oyún, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá san owó díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè fi fíláàṣì kó wọn lọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe olè. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé kó máa pa wọ́n rẹ́ ni.

Wẹ́ẹ̀bù ọ̀fẹ́ náà ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ Nọ́wè, NRK, jábọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo Statoil gbé sórí Translate.com láti túmọ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá kàn lórí Google: ìwé ìdánidúró lẹ́nu iṣẹ́, ìwé àdéhùn, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò fi í han ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ lásán ni wọ́n ń wá.

## Àpẹẹrẹ: ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti Kútọnu

Ìyá kan ní Adátán lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu, ara rẹ̀ kò yá níbẹ̀, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un. Ìwé ojú méjì ló gbé bọ̀ wálé, èdè Faransé sì ni gbogbo rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níbí kò gbọ́ Faransé, ni ọmọbìnrin rẹ̀ bá gbé ìwé náà wá bá mi. Ó ti na fóònù sókè tán kó ya á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná."

Lókè ojú ìwé àkọ́kọ́ ni orúkọ màmá, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀, nọ́ńbà fáìlì àti àmì onílàlàà tí ẹ̀rọ máa ń kà. Èsì àyẹ̀wò wà láàárín, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé sì wà nísàlẹ̀. Lójú ìwé kejì ni mo ti rí ìlà tí ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: "Sérologie VIH". VIH ni wọ́n ń pe HIV ní èdè Faransé. Ewu tó yàtọ̀ lára ìwé tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ nìyí: ẹ lè máa tú àṣírí síta láìmọ̀ pé àṣírí ni. Nítorí náà, kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lórí ìwé Faransé, kí ẹ sì mọ̀ pé ohun tó yẹ kí ẹ bò ló wà níwájú wọn:

- Nom, Prénom: orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni
- Né(e) le, Date de naissance: ọjọ́ ìbí
- Adresse, Tél.: àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù
- N° dossier: nọ́ńbà fáìlì
- VIH: àyẹ̀wò HIV

Bí a ṣe ṣe é nìyí.

1. Ẹ gba èdè náà sórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Google Translate, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ lọ sí Downloaded languages, kí ẹ sì gba French síbẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dára. Ẹni tó ń lo áífóònù lè lo áàpù Translate tó wà nínú rẹ̀, kó gba French sínú rẹ̀, kó sì tan On-Device Mode rẹ̀ nínú Settings.

2. Ẹ pa Backup nínú Google Photos, kí ẹ sì pa àmì ibi tí ẹ wà nínú kámẹ́rà. Orúkọ tí ẹ máa rí lórí kámẹ́rà púpọ̀ ni Location tags tàbí Save location. Bí èyí bá wà ní títàn, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń gbé ibi tí ẹ ti yà á dání, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ inú ilé yín.

3. Ẹ tan Airplane mode. Ìdánwò ni èyí pẹ̀lú. Bí áàpù bá ń túmọ̀ síbẹ̀, inú fóònù ló ti ń ṣe é. Bí ó bá ní kí ẹ tan íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé ńṣe ló fẹ́ gbé ìwé yín lọ síbòmíràn. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ má gbà fún un.

4. Ẹ fi páálí bo ohun tí kò nílò ìtumọ̀. Páálí ni a gé fún ìwé màmá: ọ̀kan bo orí ìwé, ọ̀kan bo òǹtẹ̀, ọ̀kan tóóró bo ìlà VIH. A tún fi ọ̀kan sẹ́yìn ìwé, nítorí pé ìwé náà fẹ́lẹ́, ohun tí wọ́n tẹ̀ sójú kejì sì ń hàn bí iná bá kọjú sí i.

5. Ẹ na kámẹ́rà áàpù ìtumọ̀ sí ìwé náà, kí ẹ má fi kámẹ́rà fóònù yà á. Bí ẹ bá nà án sí i báyìí, ìtumọ̀ máa hàn lójú fóònù, kò sì sí fọ́tò tí ẹ máa wá pa rẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ fi bírò da ìtumọ̀ náà kọ sínú ìwé.

6. Ẹ pa History inú áàpù rẹ́ kí ẹ tó pa Airplane mode. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kọ́kọ́ padà, ohun tó wà nínú History lè bá àkáǹtì Google yín lọ.

7. Ẹ da nọ́ńbà àti ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀ kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà. Áàpù kì í yí èyí padà fún yín, àṣìṣe níbẹ̀ sì lè dẹ́rù bani. Ohun tó wà lórí ìwé màmá nìyí:

```
Glycémie à jeun : 1,62 g/L
Créatinine : 9,8 mg/L
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ènìyàn tó jẹun láàárọ̀. Àmì kọ́mà tí wọ́n lò níbẹ̀, òun ni àwa ń fi àmì ìdánudúró kọ, 1.62 g/L sì jẹ́ 162 mg/dL ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò níbí ń gbà kọ ọ́. Ìlà kejì jẹ mọ́ iṣẹ́ kíndìnrín. 9.8 mg/L jẹ́ 0.98 mg/dL, èyí tí kò bani lẹ́rù rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé 9.8 náà lọ láìkọ ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n sì kà á sí mg/dL, ńṣe ló máa dà bíi pé kíndìnrín màmá ti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ìlà mẹ́sàn-án ni gbogbo ohun tó nílò ìtumọ̀ lórí ojú ìwé méjèèjì. Ọmọbìnrin náà da wọ́n kọ, ó gbé bébà tó kọ ọ́ sí pẹ̀lú ojúlówó ìwé náà lọ bá dókítà, dókítà sì fi ojú ara rẹ̀ fi ọ̀kan wé èkejì. Ìlà VIH kò wọ inú áàpù rárá, orí ojúlówó ìwé ni dókítà ti rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kí màmá fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ ní Yorùbá, tí áàpù sì ní dandan kí íńtánẹ́ẹ̀tì wà kó tó lè túmọ̀ sí Yorùbá, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti dà kọ nìkan síbẹ̀. "Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìjẹun, 162" kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀jẹ̀ ta ni.

## Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

Kíkọ́kọ́ yà, kí a tó wá bò. Àwọn kan á ya gbogbo ìwé, wọn á wá fi bírò dúdú inú fóònù pa orúkọ rẹ́ lórí fọ́tò. Èyí tí kò bò ti wà nínú fóònù nígbà náà, ó sì lè ti wà nínú Google Photos. Bírò náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ọ̀kan wà tó dà bíi máákà tí a fi ń fa ìlà sórí ọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa dúdú kirikiri lójú, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mú kí fọ́tò náà mọ́lẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ á yọ jáde. Ẹ dán an wò lórí fọ́tò tiyín. Ẹ fa Brightness lọ sópin, ẹ ó sì rí i.

Gígé etí fọ́tò kúrò. Ní ọdún 2023, wọ́n rí àléébù kan lára fóònù Pixel ti Google, èyí tí wọ́n sọ ní aCropalypse: apá tí ènìyàn gé kúrò lára fọ́tò ṣì wà nínú fáìlì, wọ́n sì lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ṣáájú wà níbi tí wọ́n wà. Páálí lórí tábìlì kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀.

Fífi ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp kó lè hàn ketekete. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, WhatsApp máa ń yọ àmì ibi tí ẹ ti yà á kúrò. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi Document, bó ṣe wà ló ṣe ń lọ, àmì yẹn á sì bá a lọ.

## Sitéétímẹ́ǹtì báńkì

Àwọn òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì ní Kútọnu ló sábà máa ń béèrè èyí. Ọ̀rọ̀ tó nílò ìtumọ̀ lórí sitéétímẹ́ǹtì kò ju àkọlé orí òpó márùn-ún lọ: Date, Description, Debit, Credit, Balance. Ẹ tẹ márààrún sínú áàpù, iṣẹ́ parí. Nọ́ńbà ni gbogbo èyí tó kù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lórí sitéétímẹ́ǹtì kọjá nọ́ńbà àkáǹtì oníye mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yẹn nìkan, owó ló lè fi ránṣẹ́ sí yín. Ìwà ìnáwó yín ni wàhálà wà nínú rẹ̀: ẹni tí ẹ sanwó fún, ọjọ́ tí ẹ san án, ibi tí ẹ ti ń fi káàdì ra nǹkan. Ẹni tó bá rí i lè pè yín ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, láti báńkì yín ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi ₦45,000 ránṣẹ́ sí alágbàtà sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Wọ́n tún ti fẹ́ yọ ₦200,000. Ẹ yáa ka kóòdù tó wọlé sórí fóònù yín fún wa ká lè dá a dúró." Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ òótọ́. Nítorí òótọ́ yẹn ni ẹ ó ṣe ka OTP náà.

Bí ó bá di dandan kí ẹ fi fáìlì PDF rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má gbára lé àpótí dúdú tí ẹ gbé lé orí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ fi ìka tẹ orí dúdú náà mọ́lẹ̀, ẹ tẹ Copy, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé mìíràn. Bí nọ́ńbà àkáǹtì yín bá jáde, kò sí ohun tí ẹ bò. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi páálí bò ó, kí ẹ wá ya á.

## Pásípọ́ọ̀tù àti ìwé NIN

N kò rí ìdí púpọ̀ tí ẹ fi ní láti gbé ìwọ̀nyí sínú áàpù ìtumọ̀. Èdè Faransé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù wa. Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba kan bá sì ní kí ẹ mú ìtumọ̀ wá, èyí tí ògbufọ̀ buwọ́ lù ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ti áàpù kò sì ní wúlò fún wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fi ìwé sínú ewu lásán.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ya á, ẹ kíyè sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí fọ́tò yín wà lórí pásípọ́ọ̀tù. Ìlà méjì wà níbẹ̀, àmì 44 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kún fún àmì bíi <<<. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bo nọ́ńbà tó wà lókè, wọ́n á fi ìlà méjì yìí sílẹ̀ nítorí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Orúkọ yín, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé máa kú wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bákan náà ni àmì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń kà lórí ìwé NIN: ẹ bò ó pẹ̀lú nọ́ńbà oníye mọ́kànlá náà. Ọ̀rọ̀ aṣínà ṣeé pààrọ̀ lọ́la. NIN àti BVN, ti ayérayé ni.

## Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ẹ fẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀

Ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ wà ní Nàìjíríà, NITI ni wọ́n ń pè é. Ẹ béèrè bóyá ẹni náà wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìwé náà fún un lọ́wọ́ bí ó bá wà nílùú. Bí ẹ̀dà ni ẹ máa fún un, ẹ fi bírò kọ ọ́ gba àárín ẹ̀dà náà kọjá pé fún ìtumọ̀ nìkan ni, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ẹ fún sí i. Kí ẹ sì bi í tààrà: "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa túmọ̀ rẹ̀, àbí ẹ máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì?" Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

## Bí fọ́tò bá ti lọ

1. Ẹ pa á rẹ́ nínú fóònù, kí ẹ tún wọ inú Trash. Fọ́tò tó ti gòkè sínú Google Photos máa ń wà nínú Trash rẹ̀ fún ọjọ́ 60. Èyí tí kò gòkè, ọjọ́ 30. Ti áífóònù ń wà nínú Recently Deleted fún nǹkan bí ọjọ́ 30.
2. Bí ẹ bá ṣí WhatsApp yín lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo Linked devices, kí ẹ sì yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò. Ẹ padà lọ, kí ẹ rọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pé kó pa fáìlì yín rẹ́ nínú Downloads àti nínú Recycle Bin lójú yín.
3. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù tàbí wẹ́ẹ̀bù náà pé kí wọ́n pa á rẹ́. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ara àwọn tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí ẹ kọ àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí, ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn.
4. Bí ó bá jẹ́ sitéétímẹ́ǹtì, ẹ lọ sí báńkì yín fúnra yín, kí ẹ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè pé láti báńkì ni òun ti ń pè, bó ti wù kí ohun tó mọ̀ nípa yín pọ̀ tó, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín.